Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ní wákàtí àkọ́kọ́

Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni kí ẹ̀jẹ̀ máa ya lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dà láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ bá tó 500 mìlílítà, wọ́n ti ń ka á sí ìsun ẹ̀jẹ̀. Bó bá tó 1000, ó ti di èyí tó le. Èyí tó ń pa abiyamọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tí ọmọ bọ́ sílẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé ṣì ń yọ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Ohun tó ń fà á

Bí oyún bá ti gbó, ó tó ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Nígbà tí ibi bá já kúrò lára ilé ọmọ, ẹnu àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọ á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹran ara ilé ọmọ, tó hun wọnú ara wọn yí àwọn iṣan náà ká, ló máa sún kì tí yóò sì fún wọn pa, bí okùn ṣe ń fún ẹnu àpò. Bí ẹran ara yìí bá rẹ̀, tó kọ̀ láti sún kì, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Nǹkan bí méje nínú ìsun ẹ̀jẹ̀ mẹ́wàá ló ti ibẹ̀ wá.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, lẹ́yìn ọmọ tó tóbi, lára ẹni tó ti bímọ púpọ̀, àti lẹ́yìn ìbejì, tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ju láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà àgbáyé lọ. Ìtọ̀ tó kún inú àpò ìtọ̀ náà lè ti ilé ọmọ sókè kó má lè sún kì dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ya lára wọn ni kò ní ìkankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ìwé àyẹ̀wò oyún ṣa àwọn tó máa bọ́ sínú rẹ̀ yàtọ̀.

Okùnfà kejì ni ọgbẹ́: ojú ara tàbí ọrùn ilé ọmọ tó fà ya, tàbí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ tó bẹ́. Ìkẹta ni ibi tí kò jáde tán. Ẹ̀ka kékeré kan tó bá kù sínú ilé ọmọ tó láti má jẹ́ kó sún kì délẹ̀. Ìkẹrin, tó ṣọ̀wọ́n jù, ni ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dì. Okùnfà méjì lè pàdé lára ẹnì kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé: wọ́n á rí ọ̀kan, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á dẹwọ́ wíwá.

Bí a ṣe ń tètè mọ̀ ọ́n

Ojú lásán kì í mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa mu sínú aṣọ, a máa wọ abẹ́ ìbàdí, omi inú oyún a sì máa dà á pọ̀. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n á sábà sọ pé ó kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni, kó jáde tán, tún máa ń dá ọwọ́ dúró. Ohun tó ń yanjú èyí ni ọ̀rá ìgbẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi àmì ìwọ̀n sí lára: wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ ìbàdí ìyá ní kété tí ọmọ bá ti jáde, ẹnu rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ bí àpò, ẹ̀jẹ̀ á sì máa kó síbẹ̀. Wọ́n á máa wo ìwọ̀n inú rẹ̀, lílù ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ilé ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán fún wákàtí kan.

Ìfúnpá nìkan kò ṣeé gbára lé. Ẹ̀jẹ̀ inú ara aboyún ti pọ̀ sí i gan-an kó tó bímọ, nítorí náà ara rẹ̀ lè pàdánù lítà kan kí ìfúnpá rẹ̀ tó já wálẹ̀. Lílù ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ yára. Òfin kan tó rọrùn láti rántí ni pé bí iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan bá ti ju nọ́ńbà òkè ìfúnpá lọ, ewu ti wọlé. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2025 kò sì ní kí wọ́n dúró de 500 mọ́ tí àmì bá ti hàn: bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tó 300 mìlílítà, tí ọkàn bá sì ń lù ju 100 lọ tàbí tí ìfúnpá ti ń lọ sílẹ̀, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́: gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń gbé oògùn kan, wọ́n á dúró wò ó, bí kò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á gbé òmíràn. Ìdúró yẹn ló ń jẹ àkókò. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2023, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá wọn ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú àkọ́kọ́ pọ̀ ṣọ̀kan, àpapọ̀ ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le, iṣẹ́ abẹ tí ó fà, àti ikú tó ti ibẹ̀ wá dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó bímọ ní ilé ìlera kékeré ní Ọ̀bàntokò, ní Abẹ́òkúta, ní aago méjì òru, láti fi ṣàpẹẹrẹ. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ọkisitósìn, oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì, ìwọ̀n yúníìtì 10, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ lẹ́yìn gbogbo ìbí. Ibi jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 15, ọ̀rá fi 200 hàn. Ní ìṣẹ́jú 30, ó ti di 350. Ọkàn ń lù ní 112, ìfúnpá jẹ́ 104 lórí 68. Òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n 112 ti ju 104 lọ, agbẹ̀bí sì gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó rí i pé ilé ọmọ rọ̀, ó ti ga ju ìdodo lọ.

Agbẹ̀bí pe ẹnì kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa ilé ọmọ títí tó fi le. Ẹnì kejì fi rọ́bà fa ìtọ̀ jáde, ó gbé omi dírípù, ó fi ọkisitósìn ìwọ̀n 10 sínú rẹ̀ kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni dírípù mìíràn tó ní ìwọ̀n 20 nínú lítà kan, tí yóò máa wọlé fún wákàtí mẹ́rin. Wọ́n tún fún un ní gíráàmù kan tiranẹkisámíìkì, díẹ̀díẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oògùn yìí kì í mú ilé ọmọ sún kì. Ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ tó ti dì kó má túká. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ ni ààlà rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì ń dín kù bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, wọ́n lè fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ilé ọmọ le, ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó tún rọ̀. Níbí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti béèrè ìdí. Bí ilé ọmọ bá le tí ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ṣì ń ṣàn, ọgbẹ́ ni wọn yóò wá, pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀. Bó bá ń le tó tún ń rọ̀, ibi ni wọn yóò tún wò. Agbẹ̀bí gbé ibi náà sínú àwo, ó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀: ní etí kan, ihò kan wà tí ó ya bí ẹni já ẹran. Ẹ̀ka kan kù sínú.

Ibi tí oògùn ti ń kùnà

Ọkisitósìn ò fẹ́ ooru. Àárín ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 2 sí 8 nínú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Níbi tí iná ọba ti ń lọ fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta, abẹ́rẹ́ lè mọ́ gaara lójú kó má sì lágbára mọ́. Bí ilé ọmọ kò bá dáhùn sí oògùn rárá, ó yẹ kí wọ́n fura sí ìgò oògùn. Níbi tí ọkisitósìn kò bá sí, misoprọ́sítọ́ọ̀lù 800 máíkírógíráàmù lábẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń lò. Ó ń mú kí ara gbọ̀n kó sì gbóná, èyí tí àwọn ará ilé lè rò pé ibà ni. Ẹgomẹtirín náà ń mú ilé ọmọ sún kì, ṣùgbọ́n wọn kì í fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró

Láti ibí lọ ni ìtọ́jú ti ń gba ipele-ipele. Obìnrin inú àpẹẹrẹ wa nílò ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ fífún, irú èyí tó wà ní Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago ṣíwájú kí wọ́n lè wá ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu sílẹ̀. Nínú ọkọ̀, dírípù kò dúró, wọ́n sì fi aṣọ nípọn bò ó. Bó bá tún ń ya, agbẹ̀bí á fi ìkúùkù ọwọ́ kan sínú ojú ara, á fi ọwọ́ kejì tẹ ikùn láti òkè, á sì fún ilé ọmọ láàárín méjèèjì. Iṣẹ́ yẹn ń rẹ ọwọ́ gan-an, nítorí náà kì í ṣe ẹnì kan ló yẹ kó tẹ̀lé e.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà á fún un ní oògùn ìrora àti oògùn tó ń pa kòkòrò, á sì fi ọwọ́ yọ ẹ̀ka ibi tó kù. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ilé ọmọ tó kọ̀ láti sún kì nìkan, wọ́n lè fi bàlúùn sínú ilé ọmọ kí wọ́n sì fi omi kún un. Kọ́ńdọ̀mù tí wọ́n so mọ́ rọ́bà ń ṣe iṣẹ́ náà níbi tí bàlúùn gidi kò sí. Kì í ṣe fún ẹni tí ibi ṣì kù sínú rẹ̀, tàbí tí ilé ọmọ rẹ̀ ti bẹ́. Aṣọ ìdíwọ́-ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ àti ikùn láti ti ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn àti ọpọlọ, kì í wo okùnfà sàn. Àkókò ló ń rà. Bí gbogbo èyí kò bá tó, iṣẹ́ abẹ ló kù: wọ́n á fi òwú rán ilé ọmọ pọ̀ láti ìta kó lè fún ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Yíyọ ilé ọmọ ni ìkẹyìn, kò sì yẹ kí wọ́n sún un síwájú títí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ yóò fi kọ̀ láti dì.

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró, wọ́n á máa ṣọ́ ọ títí wákàtí 24 yóò fi pé, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ya, nítorí ó lè tún ṣẹlẹ̀ nínú oyún tó tẹ̀lé e.