Ìgbéra Mọ́tò Ló Ń Pa Ínfátà Yín, Kì Í Ṣe Ayé

Ẹni kẹta rèé lóṣù yìí tó mú ìwé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, tó ti ro wáàtì ilé rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń ro owó àjọ: fíríìjì 120, pọ́ńpù 750, tẹlifíṣàn 100, fáànù méjì 140, gílóòbù 60. Ó di 1,170. "Ẹńjiníà, ínfátà 2.5 kVA ni mo rà, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Kí ló dé tó ń kú?" Mo wo ìwé náà títí. Ìṣirò yẹn ò ní àléébù kankan, àfi pé ohun tó yẹ kó ṣírò kọ́ ló ṣírò.

Ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń ru igi bọ̀ láti oko? Ìdì igi tí ẹ rù dé ilé láìsọ̀, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ pe ẹnìkan kó wá gbé e rù yín ni. Tó bá ti dé orí, ó tán, ẹ̀ ń lọ. Wáàtì tí wọ́n kọ sára fíríìjì, ti ìgbà tí ẹrù ti wà lórí ni. Iná ìrìn ni mo máa ń pe ìyẹn. Èyí tó ń pa ínfátà ni iná ìgbéra, wọn kì í sì í kọ ọ́ síbi tójú yín máa tètè rí i.

Mọ́tò tó bá ń yí máa ń pèsè iná tirẹ̀ nínú, ìyẹn á máa ti iná tó ń wọlé sẹ́yìn. Mọ́tò tó dúró sójú kan ò ní ohun tó máa fi tì í. Wáyà tí wọ́n lọ́ sínú rẹ̀ nìkan ló kù lójú ọ̀nà, iná á sì ya wọlé bí omi tó já odi. Ìlọ́po márùn-ún sí méje iná ìrìn ló máa ń fà, bóyá fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré, kó tó rọlẹ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ló ń pinnu irú ínfátà tí ẹ máa rà.

Mi ò kì í méfò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mítà kan wà tẹ́nu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú, èèyàn á fi há wáyà kan ṣoṣo, á sì ka ámípíà láìgé nǹkan kan. Kó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ INRUSH sí. Èyí tí kò ní in, kí ojú rẹ̀ tó yí, ìgbéra ti kọjá, ẹ̀ ẹ́ sì máa rò pé kò sí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá pe ẹni tó fẹ́ ta ínfátà fún yín tí kò mú irú mítà yìí dání, tí kò sì tẹ̀ ba lẹ́yìn fíríìjì láti wá ibi tí wọ́n kọ LRA sí lára kọ̀mpírésọ̀, ẹ fún un lómi tútù mu, kó máa lọ. LRA yẹn ni ámípíà tí mọ́tò ń fà nígbà tí kò tíì yí.

Bàbá kan ní Párákìn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè di àràmàǹdà. Ínfátà tiwọn, lọ́sàn-án ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti di alẹ́ tí wọ́n tan pọ́ńpù, pàú, ilé á ṣókùnkùn. Alẹ́ nìkan! Ẹnìkan nínú ẹbí ní àwọn àgbà ilé kejì ni, torí àlà ilẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà sí i, wọ́n sì ti ta òróró sórí rẹ̀. Ẹni tó so ó fún wọn tún ní kí wọ́n ra sìtábíláísà sí i. Sìtábíláísà! Tí fóòtì bá wálẹ̀, òun á tún fa iná sí i kó lè gbé e sókè, ìyẹn ni pé ó ń dá kún ẹrù ẹni tó ti ń wó lọ.

Mo há pọ́ńpù. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ámípíà 5.5. (750 tí wọ́n kọ sára rẹ̀, agbára tó fi ń ti omi ni, iná tó ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Nígbà tó gbéra, 27. Ẹ fi 27 lọ́nà 220 fóòtì: 5,940 VA. Ẹ fi nǹkan bí 480 ti fíríìjì tó ti ń rìn àti àwọn ohun kéékèèké kún un, ó di bí 6,420. Ínfátà tiwọn náà, 2.5 kVA ni, ìlọ́po méjì ló lè gbà mọ́ra fúngbà díẹ̀, 5,000 nìyẹn.

"Kí ló dé tó ń gbé e lọ́sàn-án?" Bàbá fẹ́ bá mi jiyàn. Lọ́sàn-án, páńẹ́lì oòrùn ń ti bátìrì lẹ́yìn, fóòtì rẹ̀ wà ní 27. Ínfátà á fi tipátipá gbé e: gílóòbù á ṣẹ́jú, pọ́ńpù á kùn díẹ̀, á sì yí. Lálẹ́, bátìrì náà ti wà ní 24. Irú ìgbéra yẹn lára bátìrì 24 fóòtì ju ámípíà 250 lọ, wáyà tí wọ́n fi so ó ò sì ju tín-ín-rín lọ. Mo gbé mítà sẹ́nu ínfátà, mo ní kí Màmá tan pọ́ńpù: 20.6. Lẹ́nu bátìrì fúnra rẹ̀, 22.8. Wáyà nìkan ti jẹ fóòtì méjì lé. Ínfátà rí 20.6, ó rò pé bátìrì ti tán, ó pa ara rẹ̀. Àwọn àgbà ilé kejì ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ wọn.

Inú bí mi nígbà tí mo ṣí àpótí fíúùsì. Fíúùsì ò sí níbẹ̀. Wáyà kọ́pà ni wọ́n dì síbẹ̀, torí pé "ó ń jó lemọ́lemọ́". Bátìrì méjì tó lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámípíà jáde, kò sí ohunkóhun tó máa jó tí wáyà bá kan ara wọn, àfi ilé. Tẹ́nikẹ́ni bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín, ẹ má fún un lówó iṣẹ́.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn ò kà sí. Ínfátà tó kú ò ṣe yín níbi. Èyí tí kò kú, tí fíríìjì wá ń kùn "hùùùn", tó dún "tá", tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Mọ́tò tí kò lè yí ń fa iná ìgbéra láìdáwọ́ dúró, ó ń jóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ fíríìjì náà kúrò lára iná. Tó bá sì jẹ́ pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ló padà dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí gáàsì inú rẹ̀ rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un tàn.

Mo sọ ọ̀nà méjì fún Bàbá. Àkọ́kọ́, ínfátà 5 kVA tó ní tiránsífọ́mà onírin nínú, èyí tí ọkùnrin kan ò lè dá gbé, pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin dípò méjì. Èkejì, kí n yọ pọ́ńpù kúrò lára ínfátà pátápátá, kó máa jẹ iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n máa fa omi kún táǹkì nígbà tí iná bá wà. Omi tó wà lókè ò nílò bátìrì. Wọ́n béèrè iye owó bátìrì mẹ́rin, wọ́n sì mú èkejì. Mo pààrọ̀ wáyà bátìrì sí èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò, mo dá fíúùsì padà. (Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Èyí tí kọ̀mpírésọ̀ rẹ̀ ń rọra gbéra, tí wọ́n kọ INVERTER sára rẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Ti àtijọ́, bíi ti pọ́ńpù náà ló rí.)

Òróró yẹn ti sun wọ inú fáànù ínfátà, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn bí àmàlà tó gbẹ. Ó gbà mí ní wákàtí kan kí n tó fi sípíríìtì nù ún tán. Mo gba owó ìyẹn lọ́tọ̀.