Sókáwéè omi òrùlé lórí ilẹ̀ amọ̀: ògiri kòtò ló ń mu omi

Sókáwéè ń gba omi òjò dúró, ó sì ń jẹ́ kó máa fà wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lórí ilẹ̀ amọ̀, níbi fífà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ kòtò ti ń kùnà.

Ká mú òrùlé tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 5. Òjò mìlímítà 50 máa da líta 2,000 sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi kún kòtò kì í ṣẹ́ àyè kù ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 lọ, nítorí náà kòtò náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi líta 6,700 kí òkúta tó wọ inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, kó dán ilẹ̀ wò lásìkò òjò. Kó gbẹ́ kòtò tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tó sì jìn ní mítà kan. Kó pọn omi kún un lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa jẹ́ kó fà tán kó tó tún un pọn, kó sì bò ó. Wákàtí tí omi fi ń ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kòtò wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin ni kó kà. Èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó gbà. Ká ní wákàtí 42 ni. Líta 250 ló fà, mítà onígun mẹ́rin 2 ló sì ń mu ún, ìyẹn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ògiri. Mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ń mu nǹkan bíi líta 3 ní wákàtí kan.

Bí a bá gbẹ́ kòtò onígun mẹ́rin tó jẹ́ mítà 2.6 ní òró, 2.6 ní ìbú, tó jìn ní mítà kan, ó gba omi náà. Ìdajì ògiri nìkan la máa kà, torí omi ń lọ sílẹ̀, ẹrẹ̀ sì máa dí ìsàlẹ̀ tó bá yá. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 5.2, tó ń mu líta 15 sí 16 ní wákàtí kan. Líta 1,000 àkọ́kọ́ máa gba wákàtí 64, nígbà tó yẹ kí ìdajì omi ti fà láàárín wákàtí 24. Bí òjò míì bá dé, omi ṣì pọ̀ nínú kòtò.

Yàrà tó gùn ní mítà 14, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tó jìn ní mítà kan, kò fi bẹ́ẹ̀ gba omi jù ú lọ, àmọ́ ìdajì ògiri rẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 14.5. Wákàtí 23 ló máa fi mu líta 1,000 yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé gígùn ṣe pàtàkì ju fífẹ̀ lọ níbí.

Kí yàrà náà jìnnà sí ilé ní mítà 5, ó kéré tán, kó sì wà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju ti ilé lọ, torí amọ̀ tó ń wú tó sì ń sún kì lè la ìpìlẹ̀. Kó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kí omi má bàa kó jọ sí orí kan. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ń sun jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ kò dáa.

Amọ̀ tútù máa ń dán lẹ́nu ṣọ́bìrì, dídán náà a sì dí ojú ihò. Kí wọ́n ha ògiri kí wọ́n tó da òkúta sí i. Kí wọ́n ri páìpù kan lóòró sínú òkúta láti máa wo omi: bó bá ṣì ga ju ìdajì lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan tí òjò dá, ó ti ń dí.

Bí omi ìdánwò kò bá sọ̀ kalẹ̀ rárá, kò sí bí kòtò ṣe lè tóbi tó tí yóò wúlò. Ọ̀nà gọ́tà tàbí táǹkì ló kù.