Ọ̀rọ̀ àkíyèsí tó ń pòórá nínú PDF

Ìbéèrè: Èmi àti ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa jọ yẹ àbá ìwé òfin wò nínú PDF: a fi àwọ̀ kun ìlà, a kọ àkíyèsí, a sì lu òǹtẹ̀. Nígbà tí mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú ìwé kí n tó fi í ránṣẹ́, àwòrán kékeré nìkan ló kù níbi tí àkíyèsí wà. Níbo ni ọ̀rọ̀ wa gbà?

Ìdáhùn: Kò fìgbà kan wà lójú ìwé. Nínú PDF, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sójú ìwé, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí àwọn olùyẹ̀wò fi lé e lórí, ìdí nìyẹn tí a fi lè pa àkíyèsí rẹ́ láì fọwọ́ kan ìwé fúnra rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ní ìrísí tirẹ̀, ìrísí yìí nìkan ni lílẹ̀ sì máa ń gbé wọnú ojú ìwé. Gbogbo ohun tí òǹtẹ̀ ní ló hàn síta. Ti àkíyèsí kò ju àwòrán kékeré yẹn lọ, nítorí inú fèrèsé tó ń ṣí nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Ká sọ pé akápò fi àwọ̀ kun ibi tí a kọ owó oṣooṣù 2,000 náírà sí, tó wá kọ ọ́ sínú àkíyèsí pé kí ó di 5,000. Ẹni tó bá gba ìwé tí a ti lẹ̀ yóò rí àwọ̀, kò sì ní mọ ohun tí akápò ń fẹ́.

Fáìlì tí ẹ kò tíì lẹ̀ ni kí ẹ padà sí, nítorí èyí tí ẹ ti lẹ̀ kò ṣeé tú mọ́. Nínú Adobe Acrobat Reader, ẹ ṣí Print, kí ẹ tẹ Summarize Comments, yóò sì kó ọ̀rọ̀ gbogbo àkíyèsí jáde mọ́ ìwé náà. Bí ẹ bá fi Microsoft Print to PDF ṣe ìtẹ̀wé, fáìlì tuntun ni yóò jáde, ṣùgbọ́n àwọn ìjápọ̀ inú ìwé kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí wà fún ìgbìmọ̀. Fún àwọn ará ìta, Document and Stamps, tó wà lábẹ́ Comments & Forms, ni mo fara mọ́: òǹtẹ̀ yóò hàn, àríyànjiyàn inú ilé kò sì ní bá a lọ.

Ẹ ṣí fáìlì tuntun náà kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, kí ẹ tẹ òǹtẹ̀ orí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì lè fà á kúrò láyè rẹ̀, kò tíì lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi àpótí dúdú bo orúkọ kan, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lílẹ̀ láti pa á mọ́, nítorí orúkọ náà lè ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, kí ènìyàn sì dà á kọ jáde. Bí ìwé náà bá nílò ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà, ẹ lẹ̀ ẹ́ tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i, torí ìfọwọ́sí tó bá ṣáájú lílẹ̀ kò ní fìdí múlẹ̀ mọ́.