Ìdí tí kodéènì àti tírámádọ́ọ̀lù kò fi yẹ ọmọdé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ká sọ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ọmọ ọdún mẹ́rin l'Ádó-Èkìtì láàárọ̀, ó sì ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tó pa ojú ọgbẹ́ kú bá kúrò lára, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnìkan nínú ilé ti máa ń rántí kodéènì tàbí tírámádọ́ọ̀lù tó ṣẹ́kù nínú báàgì ìyá àgbà.

Kodéènì fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìrora. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di mọfíìnì, mọfíìnì yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ kì í ṣe bákan náà. Ti ọmọ kan lè máà sọ nǹkan kan dà, ìrora á wà níbẹ̀ gbagidi. Ti òmíràn lè yára sọ ọ́ dà débi pé ìwọ̀n tó tọ́ lójú ìwé á di àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, èémí ọmọ á sì máa lọ sílẹ̀ lójú oorun. Kò sí ẹni tó lè fojú mọ irú ẹ̀dọ̀ tí ọmọ ní. Ọ̀nà kan náà ni tírámádọ́ọ̀lù ń gbà, ó sì tún lè fa gìrì. Ní 2017, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má lo méjèèjì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12.

Bí ọmọ bá ti gbé e mì, ẹ wo èémí rẹ̀. Bí èémí bá ń falẹ̀ tàbí tó ń dún, tí ètè ń dúdú, tí ẹ jí i tí kò jí dáadáa, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni; kò sí ti à ń fomi wọ́n ọn lójú.

Èyí tó dára jù ni pàrásítámọ́ọ̀lù pẹ̀lú àìbùpúrófẹ́ẹ̀nì, kìlógíráàmù ara la sì fi ń wọn ìwọ̀n wọn. Ká ní ọmọ wa wọn kílò 16. Pàrásítámọ́ọ̀lù jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kan, èyí jẹ́ 240. Bí ìgò omi-oògùn bá ní 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 10 ni, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara ìgò: èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ọwọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílílítà 10 rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Omi-oògùn òtútù púpọ̀ náà ní pàrásítámọ́ọ̀lù nínú, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àìbùpúrófẹ́ẹ̀nì jẹ́ mílígíráàmù 10 fún kílò, ìyẹn 160. Nínú ìgò tó ní 100 nínú mílílítà 5, mílílítà 8 ni, ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má fún ọmọ tó ń bì, tí kò tọ̀ dáadáa, tàbí tó ní àrùn kíndìnrín. Síríńjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ìdáná.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ fún un nígbà tí àkókò bá tó, ẹ má dúró de ẹkún, torí ìrora tó ti gbóná máa ń ṣòro ṣẹ́gun. Bí méjèèjì kò bá ká a, tàbí tí ojú ọgbẹ́ wú tó sì gbóná, ẹ padà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lè lo mọfíìnì gan-an níbẹ̀: ìwọ̀n rẹ̀ kò dúró de ohun tí ẹ̀dọ̀ bá sọ dà, nọ́ọ̀sì sì wà tó ń ka èémí.