O pa áàpù rẹ́, owó ṣì ń lọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí àwọn bá ti pa áàpù kan rẹ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Áàpù tó wà lórí fóònù ọ̀tọ̀, àdéhùn owó rẹ̀ ọ̀tọ̀. Àdéhùn yẹn wà lọ́dọ̀ Google tàbí Apple, tàbí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni áàpù gan-an, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi lọ fagi lé e.

Ká ní aránṣọ kan n'Ìbàdàn rí áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ó sì fẹ́ kí àwọn aṣọ tó rán dán dáadáa kó tó gbé wọn sí Wasáàpù. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà ₦4,500 lóṣù. Ọjọ́ kẹta oṣù ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó fi káàdì sílẹ̀, báńkì fi OTP ránṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, áàpù náà ò wù ú mọ́, ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, aláàtì wọlé: ₦4,500 ti lọ, "GOOGLE" ló sì wà níbi orúkọ ẹni tó gbà á.

Ohun tó máa ń dun ènìyàn níbẹ̀ ni pé kò sí OTP kankan lọ́jọ́ kẹwàá. Wọ́n ti sọ fún wa títí pé bí a ò bá fún ẹnikẹ́ni ní OTP, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan owó wa. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó fi OTP fún wọn lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n ṣì ń lò. Ohun tí aránṣọ yìí fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà ni pé kí wọ́n fi káàdì òun pamọ́, kí wọ́n sì máa gba owó bí ọ̀fẹ́ bá tán, àfi tí òun bá ní kí wọ́n má gbà á mọ́. Látìgbà náà, ẹni tó ń tajà ló ń béèrè owó lọ́wọ́ báńkì fúnra rẹ̀, wọn kì í sì í bi oníkáàdì léèrè mọ́.

Láti dá a dúró lórí Android, ṣí Play Store, tẹ àwòrán rẹ tó wà lókè lápá ọ̀tún, tẹ "Payments & subscriptions", lẹ́yìn náà "Subscriptions". Tẹ orúkọ áàpù náà, kí o sì tẹ "Cancel subscription". Wọn yóò bi ọ́ ní ìdí tí o fi ń lọ. Ibí yìí ni àwọn kan ti máa ń rò pé àwọn ti ṣe tán, tí wọ́n á sì jáde. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí wàá fi rí i pé wọ́n ti fagi lé e, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ìlò rẹ yóò dópin síbẹ̀. Lórí àìfóònù, inú "Settings" ni, lábẹ́ orúkọ rẹ, níbi "Subscriptions". Apple fẹ́ kí o fagi lé e, ó kéré tán, ní wákàtí 24 ṣáájú kí ọ̀fẹ́ tó tán.

Bí o kò bá rí áàpù náà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé Gmail mìíràn lo fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ àwòrán rẹ kí o yí i padà, kí o tún wò ó. Ó sì lè jẹ́ pé orí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà lo ti forúkọ sílẹ̀, Google ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wá "trial" tàbí "receipt" nínú ímeèlì rẹ. Bí nọ́ńbà rìsíìtì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "GPA", ti Google ni. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí ìkànnì wọn ni kí o wọlé sí, níbi "Account" tàbí "Billing".

Àwọn mìíràn a máa kó owó kúrò nínú àkáǹtì kí wọ́n má bàa rí nǹkan gbà. Àdéhùn ò kú síbẹ̀. Wọn yóò tún gbìyànjú láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí owó ọjà bá sì wọlé lásìkò yẹn, wọ́n á mú tiwọn.

Ní tèmi, ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ gan-an ni kí o fagi lé e. Lórí Play Store, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí o lò ó títí ọ̀fẹ́ yóò fi tán, ka ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kó dá ọ lójú. Èyí ṣe pàtàkì jù fún àwọn áàpù tó jẹ́ pé owó ọdún kan gbáko ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí owó bá ti lọ, fífagi lé e ò ní dá a padà. Èyí tó ń bọ̀ nìkan ló ń dá dúró. Béèrè owó náà lọ́tọ̀ lọ́wọ́ Google kí wákàtí 48 tó pé. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe áàpù náà ni kí o kọ̀wé sí, àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì rẹ̀ wà ní ojú ewé áàpù náà nínú Play Store.