Ripọ́ọ̀tì méjì, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń ka ripọ́ọ̀tì ọmọ yín ni àbí pósísọ̀n nìkan lẹ máa ń wá kiri? Taamu tó kọjá, "Ántí, ipò kelòó ló ṣe" ni mo gbọ́ ṣáá, ẹnì kan ṣoṣo ò bi mí pé ibo gan-an ni ìṣirò ti ń há ọmọ òun lọ́rùn. Ọdún 22 ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Máàtì n'Ìbàdàn, ojú mi ti rí ripọ́ọ̀tì.

Ẹ wo ọmọ méjì nínú kíláàsì mi. Bàbá ti àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ọmọ yẹn gba 36 nínú 40, ìyẹn máàkì tó jẹ́ pé asáìńmẹ́ǹtì ló pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó wá gba 17 nínú 60 ìdánwò. Gbogbo ẹ̀ 53. Ìyá ti ìkejì ń ta ata ní Bódìjà. Òun gba 14 nínú 40, ó gba 38 nínú 60. Gbogbo ẹ̀ 52. Lójú òbí, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Irọ́ ni o! Ọ̀kan ò mọ̀ ọ́n, ìkejì mọ̀ ọ́n, asáìńmẹ́ǹtì ni kì í kó wá fún mi.

Asáìńmẹ́ǹtì ọmọ báńkì yẹn wà lọ́wọ́ mi: 3/4 + 1/6, ó sọ méjèèjì di ìdá 12, 9/12 + 2/12, ó gba 11/12, ó tò ó rẹ́gí bí ìwé lọ́yà. Nínú họ́ọ̀lù mo fún wọn ní 2/5 + 1/3, ó kọ 3/8. Ó ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀! Ta ló wá ṣe ti ilé? Dádì ni, nígbà tí Dádì bá sì ti rẹ̀, tíṣà lẹ́sìn ni. Kì í ṣe èmi nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2009, àwọn kan ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 50 jọ lórí àwọn ọmọ tó wà ní ìpele tó bá JSS wa mu, ohun tí wọ́n rí ni pé kí òbí máa dá sí ẹ̀kọ́ ọmọ ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́, àfi bó bá ti di ká máa bá wọn ṣe asáìńmẹ́ǹtì. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni kí òbí máa bá ọmọ sọ ohun tí ẹ̀kọ́ yẹn wà fún, ohun tó ń retí lọ́dọ̀ ẹ̀ àti bó ṣe máa dé ibẹ̀.

Ìyá aláta ní tiẹ̀ kì í wá sí mítìn torí ó jẹ owó ilé ìwé, ó rò pé a máa dójú ti òun níwájú èrò. Ìgbà tó jàjà wá, "Ṣé kì í yọ yín lẹ́nu?" ló bi mí, mo ní rárá, ó dúpẹ́, ó ń lọ. Bàbá oníbáńkì ní tiẹ̀ á jókòó, á fa ìwé yọ, á ní kí n ṣàlàyé máàkì kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọmọ tí òbí ẹ̀ ń béèrè báyìí, ojú tíṣà kì í kúrò lára ẹ̀. Bí owó ṣe ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn o. Ìyá yẹn fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ bí bàbá yẹn ṣe fẹ́ràn tiẹ̀, ẹnì kan ò kàn sọ fún un rí pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ó ti fẹ́ jáde kó tó rọra bi mí pé bàbá kan fẹ́ gba 12,000 náírà lọ́wọ́ òun fi se ìsọ̀yè fún ọmọ náà. Orí mi gbóná! Ìsọ̀yè kẹ̀? Ọmọ tó gba 38 nínú 60, kí ni ọyè ẹ̀ ṣe? Mo ní kí wọ́n mú ìwé Máàtì ẹ̀ wá. Ìyá náà ní òun ò kàwé, mo ní ṣebí ẹ mọ nọ́ńbà orí fóònù, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi déètì òkè ìwé hàn án, mo ní kó máa kà á. Ó ka ọjọ́ 3, ó ka ọjọ́ 4, lẹ́yìn náà ọjọ́ 10. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ántí, ọ̀sẹ̀ tí mo ní kó máa bá mi já ẹrù tòmátì nìyẹn." Mo wá ṣí ibi tí mo ti máàkì, mo ní gbogbo asáìńmẹ́ǹtì tí yíńkì pupa ò bá sí lábẹ́ ẹ̀, kò kó o wá fún mi nìyẹn, kó má bínú, kó kàn bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kó máa wò ó, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Bó bá sì jẹ́ pé ẹrù tòmátì yẹn ni wọ́n fi ń jẹun, wíwo ìwé nìkan ò lè tún un ṣe, mo sọ ìyẹn fún un, a jọ wá ẹ̀gbọ́n kan tó ń bá a já ẹrù láàárọ̀.

Taamu yìí ọmọ náà gba 31 nínú 40.

Bàbá oníbáńkì pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ti gbọ́ àlàyé mi, òun ti lé tíṣà lẹ́sìn yẹn lọ. Inú mi dùn. Ó wá ní òun ti gba òmíràn, èyí mọ Máàtì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, asáìńmẹ́ǹtì kan ò ní kùnà mọ́.