Wáìnì pupa àti ìlera ọkàn

Wáìnì pupa ni ọtí tí wọ́n ń fi èso àjàrà dúdú pọn, tí oje àti èèpo rẹ̀ jọ wà pa pọ̀ títí yóò fi di ọtí. Ní Èkó, ó wọ́pọ̀ lórí tábìlì òde àríyá láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Sùúrùlérè, àwọn mìíràn tí kì í fẹnu kan ògógóró sì ń mu ún nítorí wọ́n gbọ́ pé ife kan lójúmọ́ ń dáàbò bo ọkàn. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí kò lágbára tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́.

Ilẹ̀ Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1992, Serge Renaud àti Michel de Lorgeril kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé àwọn ará Faransé ń jẹ ọ̀rá ẹran àti ti wàrà púpọ̀, síbẹ̀ àrùn ọkàn kì í pa wọ́n tó bó ṣe ń pa àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáìnì ló fà á. Ọdún tó ṣáájú ni Renaud ti sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ọjà wáìnì pupa sì gbéra sọ níbẹ̀. Ní 1999, Malcolm Law àti Nicholas Wald tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Wọ́n fi hàn pé àwọn dókítà Faransé kì í kọ gbogbo ikú àrùn ọkàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní kò tíì pẹ́ tí ọ̀rá ẹran pọ̀ nínú oúnjẹ Faransé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rá fi ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Àwọn ìwádìí mìíràn wá tẹ̀ lé ìgbésí ayé ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń mutí níwọ̀nba ń pẹ́ láyé ju àwọn tí kò mu rárá lọ. Ibi tí ìṣòro wà ni irú ẹni tí wọ́n kà mọ́ àwọn tí kò mu. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé lásán wò ó. Ká ní a kó 100 ènìyàn tí kò mutí jọ ní Sùúrùlérè. 80 nínú wọn kò mu ún rí láyé. 20 tó kù ti mu ún tẹ́lẹ̀, àìsàn ló jẹ́ kí wọ́n jáwọ́. Láàárín ọdún mẹ́wàá, 8 kú nínú àwọn 80 náà, 8 sì kú nínú àwọn 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Nínú 100 tó ń mu ife kan lójúmọ́, 10 ló kú. Lójú ẹni tó bá wò ó báyìí, wáìnì ti gba ẹ̀mí là. Àmọ́ bí a bá yọ àwọn 20 tí àìsàn lé kúrò nídìí ọtí, 8 nínú 80 ló kù, ìyẹn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, gẹ́lẹ́ bíi ti àwọn tó ń mu. A. G. Shaper àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọ́ka sí àṣìṣe yìí láti 1988.

Ọrọ̀ àti oúnjẹ náà tún ń da ìwádìí rú. Ní Dẹ́nmákì, ìwádìí kan tó wo ohun tí àwọn ènìyàn rà ní ilé ìtajà, tó jáde ní 2006, rí i pé àwọn tó ra wáìnì máa ń ra èso àti ẹ̀fọ́ ju àwọn tó ra bíà lọ. Ta ló máa wá mọ̀ bóyá wáìnì ni tàbí ẹ̀fọ́?

Ọ̀nà kan láti yẹ ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀ ni láti wo àbùdá tí àwọn kan jogún, tí kì í jẹ́ kí ara wọn gba ọtí dáadáa, tí wọn kì í fi í mu tó àwọn ẹlòmíràn. Inú oyún ni ènìyàn ti ń gba àbùdá yìí, àìsàn tó bá dé nígbà tó bá dàgbà kò lè yí i padà. Ní 2014, ìwádìí kan tó kó àwọn ènìyàn tó lé ní 260,000 jọ, àwọn tí ìran wọn jẹ́ ti Yúróòpù, rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àbùdá náà kì í ru tó ti àwọn ẹlòmíràn, àrùn ọkàn kì í sì í ṣe wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín àwọn tí kò mu ju díẹ̀ lọ pàápàá.

Àwọn mìíràn gbé ìyìn náà fún rẹsifẹratírọ́ọ̀lù, èròjà kan tó wà nínú èèpo àjàrà. Ó kéré púpọ̀ nínú wáìnì. Bí lítà kan bá ní miligírámù 2, ẹni tó ń wá miligírámù 150, tí wọ́n fi dán an wò lára ènìyàn nínú àwọn ìwádìí kan, yóò mu lítà 75, ìyẹn ìgò 100.

Irú àrùn ọkàn tó wọ́pọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ ti Faransé dá lórí dídí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba ọkàn jẹ́ jù, títí tí kò fi ní lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́, òun náà ló sì ń fa rọpárọsẹ̀ jù. Ọtí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, wáìnì kò sì yàtọ̀ sí bíà nínú èyí. Nítorí náà, kódà bí ìtàn Faransé bá jẹ́ òótọ́, kò bá àìsàn tó ń yọ àwọn ará Èkó lẹ́nu jù mu.

Ìdánwò ńlá kan tí ìbá fi òpin sí àríyànjiyàn náà, tí wọn ìbá ti fi kèké pín àwọn ènìyàn sí ọlọ́tí àti aláìmu, ni ìjọba Amẹ́ríkà dá dúró ní 2018, nígbà tó hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti lọ bẹ àwọn ilé iṣẹ́ ọtí fún owó rẹ̀.